Ìbéèrè Mẹ́jọ, Èsì Mẹ́jọ

Ẹ jẹ́ ká fi ímeèlì kan ṣe àpẹẹrẹ. Obìnrin kan tó ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ló kọ ọ́ sí máníjà gbọ̀ngàn àpèjẹ kan ní Abẹ́òkúta. Òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ fẹ́ ṣe ayẹyẹ àádọ́rin ọdún fún ìyá wọn, òun ni wọ́n sì ní kó bá wọn wá gbọ̀ngàn. Ohun tó kọ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ kú àmójútó gbogbo nǹkan. Èmi ni mo pè yín lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa ọjọ́ ìbí màmá wa, Sátidé 12 oṣù Kejìlá. À ń retí bí ènìyàn 300, mi ò wá mọ̀ bóyá gbọ̀ngàn kékeré á gbà wá àbí ńlá la máa mú, àti iye tó jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ máa ń gba owó kọ́ṣọ̀n, ṣùgbọ́n wọn ò rántí iye rẹ̀ tàbí ìgbà tí ẹ máa ń dá a padà. Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? A máa mú alásè tiwa wá, mo rò pé ìyẹn ò ní mú wàhálà wá. Ṣé ẹ kì í jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe dẹkọréṣọ̀n wọlé láti ọjọ́ Jímọ̀? Inú wa á dùn tí a bá lè san ìdajì owó báyìí, kí a san ìyókù tí a bá délé. Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́, sà. Mo ń retí èsì yín."

Èsì wọlé lọ́jọ́ kejì: "Ẹ ṣeun mà. Jẹnẹrétọ̀ wà o, ńlá ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ yẹn ṣì ṣófo, ẹ tètè sanwó kí ẹlòmíràn má baà gbà á."

Kò sí ohun tó burú nínú bí obìnrin yìí ṣe kọ̀wé. Ó kí ènìyàn bó ṣe yẹ, ó sọ tẹnu rẹ̀, ó ṣàdúrà. Síbẹ̀ ìbéèrè mẹ́jọ ló béèrè, jẹnẹrétọ̀ nìkan ló rí èsì tó ṣeé dì mú, ìyẹn gan-an kò sì dáhùn ohun tó fẹ́ mọ̀. Kò mọ iye tí gbọ̀ngàn jẹ́, wọ́n sì ti ní kó tètè sanwó. "Bẹ́ẹ̀ ni" tí ọkùnrin náà kọ yẹn, kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó ń dá lóhùn.

Kí a tó bú máníjà, ẹ wo ibi tó wà nígbà tó ń kà á. Inú gbọ̀ngàn ló wà, wọ́n ń ka àga níwájú rẹ̀, orí fóònù ló ti ń ka lẹ́tà. Ó kà á tán, ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń fèsì. Bí ó bá jẹ́ Gmail ló ń lò, ojú ìwé òfìfo ló máa ṣí fún un, lẹ́tà tó kà tán á ti wọ ẹ̀yìn àmì tóótòòtó mẹ́ta nísàlẹ̀. Àyàfi kó tẹ àmì yẹn tàbí kó padà sẹ́yìn, kò ní rí ìbéèrè kankan mọ́. Ohun tó kù lórí rẹ̀ ló máa fi dáhùn. Èwo ló sì máa kù lórí ẹni tó ń ka àga? Èyí tó kúrú, tó dá dúró, tó ní àmì ìbéèrè nídìí. "Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́?" nìyẹn. Méje yòókù fara pamọ́ sáàárín ọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ tó yẹ kí obìnrin náà ṣe kó tó fi lẹ́tà rẹ̀ ránṣẹ́ kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nọ́ńbà kọ́ ló kọ́kọ́ ń wá. Bí ènìyàn bá sáré fi 1, 2, 3 síwájú gbólóhùn tó wà nílẹ̀, nọ́ńbà á wà, ìbéèrè á ṣì sọnù. Ohun àkọ́kọ́ ni kó ka lẹ́tà náà bí ẹni pé òun ni máníjà, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn, kó máa bi ara rẹ̀ léèrè ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: ǹjẹ́ gbólóhùn yìí ń retí nǹkan lọ́wọ́ mi? Èyí tí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kó sàmì sí i.

Ìdí tí èyí fi pọn dandan fún àwa Yorùbá ni pé a kì í sábà béèrè nǹkan ní ṣàkó lọ́wọ́ ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún. Ẹ tún lẹ́tà yẹn wò. "Mi ò wá mọ̀ bóyá" jẹ́ ìbéèrè. "Wọn ò rántí iye rẹ̀" jẹ́ ìbéèrè. "Mo rò pé ìyẹn ò ní mú wàhálà wá" jẹ́ ìbéèrè tó wọ aṣọ ìgbàgbọ́, ẹni tó bá sì yára kà á á rò pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. "Inú wa á dùn tí a bá lè" jẹ́ ẹ̀bẹ̀ àti ìbéèrè pa pọ̀. Lẹ́nu, ohùn àti ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á jẹ́ kí olùgbọ́ mọ̀ pé wọ́n ń retí èsì. Yóò dákẹ́ díẹ̀, òun náà á sì dáhùn. Lórí ìwé, ìdákẹ́ yẹn kò sí. Bí obìnrin náà bá wà lórí kọ̀ǹpútà, kó tẹ Ctrl+F, kó wá àmì "?" nínú ohun tó kọ. Méjì péré ló máa rí. Mẹ́jọ tó fi ojú kà àti méjì tí kọ̀ǹpútà rí kò dọ́gba, mẹ́fà tó wà láàárín wọn ni ìbéèrè tí máníjà máa fò kọjá. Mo fẹ́ràn ìdánwò kékeré yìí gan-an, nítorí pé kì í tan ènìyàn jẹ: ẹni tó kọ lẹ́tà mọ ohun tó ní lọ́kàn, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó rí ohun tó wà lórí ìwé.

Lẹ́yìn tó bá ti sàmì sí wọn tán, kó wá wo inú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Òfin tó wà níbẹ̀ kò le: nọ́ńbà kan, èsì kan. Níbi tó bá ti rí "àti" tàbí "tàbí" láàárín ìbéèrè, kó dúró wò ó dáadáa. "Iye rẹ̀ tàbí ìgbà tí ẹ máa ń dá a padà" jẹ́ méjì tí wọ́n dì pọ̀. Bí ó bá fi nọ́ńbà kan ṣoṣo síwájú rẹ̀, máníjà á kọ iye owó, á sì rò pé òun ti dáhùn nọ́ńbà yẹn. Ìdajì tó kù yẹn ló burú jù, nítorí pé èsì wà níwájú nọ́ńbà náà, ojú ò ní tètè rí i pé nǹkan kù.

Ti jẹnẹrétọ̀ tún yàtọ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ẹni tó bá béèrè pé "Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́?" lè fẹ́ mọ̀ bóyá ó wà, bóyá ó lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù, ta ni yóò ra dísẹ́ẹ̀lì, tàbí ìgbà tí wọ́n máa ń pa á. Máníjà á mú èyí tó rọrùn jù, á ní ó wà. Obìnrin náà ti gbọ́ lórí fóònù pé ó wà. Owó dísẹ́ẹ̀lì ló ń dà á láàmú. Ohun tó yẹ kó kọ sílẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú ẹni méjèèjì tó lè sanwó: ṣé ẹ̀yin ni àbí àwa? Bí ìbéèrè bá ti kó gbogbo èsì tó ṣeé ṣe dání báyìí, ọ̀rọ̀ kan péré tó láti fi dá a lóhùn.

Èyí tó kẹ́yìn ni ìbéèrè tó ní "kì í" tàbí "kò" nínú. "Ṣé ẹ kì í jẹ́ kí wọ́n wọlé láti ọjọ́ Jímọ̀?" Bí èsì bá jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni", nínú Yorùbá tó dájú, ohun tó túmọ̀ sí ni pé bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí, a kì í jẹ́ kí wọ́n wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ máa ń kọ "bẹ́ẹ̀ ni" kan náà kí wọ́n lè sọ pé a gbà yín láyè. "Rárá" pàápàá kò yọ ènìyàn nínú ọ̀fìn yìí. Nọ́ńbà kò lè tún un ṣe. Èsì á wà lábẹ́ nọ́ńbà rẹ̀ gan-an, olùkàwé á sì gbà á sódì. Kó yọ "kì í" kúrò, tàbí kó béèrè ohun tí bẹ́ẹ̀ ni àti rárá kò lè dáhùn: láti aago mélòó?

Lẹ́yìn àyẹ̀wò yìí, bí lẹ́tà náà ṣe máa rí nìyí. Àkọlé rẹ̀ ni "Ìbéèrè 8 nípa gbọ̀ngàn, Sátidé 12 oṣù Kejìlá".

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ kú àmójútó gbogbo nǹkan. Èmi ni mo pè yín lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa ọjọ́ ìbí màmá wa. À ń retí ènìyàn 300, a sì máa mú alásè tiwa wá. Ìbéèrè mẹ́jọ ni mo ní. Mo fi nọ́ńbà sí wọn kó lè rọ̀ yín lọ́rùn, sà. Ẹ lè kọ nọ́ńbà àti èsì rẹ̀ nìkan.

1. Nínú gbọ̀ngàn kékeré àti ńlá, èwo ló máa gba ènìyàn 300?

2. Èló ni gbọ̀ngàn yẹn fún ọjọ́ kan?

3. Èló ni owó kọ́ṣọ̀n?

4. Lẹ́yìn ayẹyẹ, ọjọ́ mélòó lẹ fi ń dá owó kọ́ṣọ̀n padà?

5. Ta ló máa ra dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀, ṣé ẹ̀yin ni àbí àwa?

6. Èló lẹ máa gbà lórí alásè tí a bá mú wá láti ìta? Tí ẹ ò bá gba alásè ìta láyè, ẹ kọ 'a ò gbà'.

7. Láti aago mélòó ní ọjọ́ Jímọ̀ 11 ni àwọn tó ń ṣe dẹkọréṣọ̀n lè wọlé?

8. Ṣé ẹ máa gbà kí a san ìdajì báyìí, kí a san ìyókù ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá?

Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo nílò èsì 1, 2 àti 8 kí Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí tó parí, kí n lè fi owó ránṣẹ́. Àwọn yòókù lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́."

Ẹ kíyè sí i pé ìkíni àti àdúrà kò lọ síbì kankan. Àwọn kan máa ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá kọ nọ́ńbà sí ìbéèrè tó ń lọ bá àgbàlagbà, á dà bí ìgbà tí ọlọ́pàá ń fọ̀rọ̀ wá ènìyàn lẹ́nu wò. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe lásán, mo sì ti rí lẹ́tà tó gbóná lójú ẹni tó gbà á nítorí pé nọ́ńbà ló fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń tu ojú ni gbólóhùn kan yẹn, tó sọ pé nítorí ìrọ̀rùn ẹni tó ń kà á ni nọ́ńbà ṣe wà. Gbólóhùn náà tún ṣe iṣẹ́ kejì: ó kọ́ olùkàwé bó ṣe máa fèsì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó rí nọ́ńbà ṣì máa ń kó èsì wọn jọ sínú gbólóhùn gígùn kan, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn pé "3. 100" ti tó.

Gbogbo ìtàn tí ìbéèrè gbára lé ti lọ sókè, kó tó kan nọ́ńbà. Èyí dára ju kí ènìyàn máa tú ìtàn lábẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Bí ìbéèrè kan bá gùn ju ìlà méjì lọ lójú fóònù, àkókò ti tó láti wo ohun tó wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ìbéèrè, kí a gbé e lọ sókè.

Kíkọ "mẹ́jọ" sínú àkọlé àti sínú lẹ́tà máa ń dà bí àsọdùn lójú àwọn kan. Kì í ṣe àsọdùn rárá. Ẹni tó bá ń ka lẹ́tà lórí fóònù lè má fà á dé ìsàlẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá dé ìbéèrè karùn-ún, tí ó sì ti mọ̀ pé mẹ́jọ ni wọ́n, yóò mọ̀ pé ó kù. Kí ó tó fi èsì tirẹ̀ ránṣẹ́, ó lè ka iye tó kọ. Ẹni tó kọ lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ fi iye yìí yẹ ara rẹ̀ wò: kó tún tẹ Ctrl+F, kó ka àmì ìbéèrè. Bí ó bá ti di mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ nọ́ńbà tirẹ̀, lẹ́tà ti ṣetán. Bí ó bá jẹ́ mẹ́sàn-án, ìbéèrè kan wà níbì kan tí kò ní nọ́ńbà, bóyá nínú ìkíni tàbí nínú ìdágbére. Ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń sá sí, "Ẹ̀rọ amúlétutù náà ń ṣiṣẹ́ àbí?" lẹ́yìn tí a ti ṣàdúrà tán.

Nípa kíkọ nọ́ńbà gan-an, ọ̀nà méjì ló wà. Gmail lórí kọ̀ǹpútà ní bọ́tìnì tó ń to nọ́ńbà fúnra rẹ̀, ẹni tí kò fẹ́ fi ọwọ́ wá a lè tẹ Ctrl+Shift+7. Ó dára nígbà tí ènìyàn ṣì ń gbé ìbéèrè sókè sódò, nítorí pé bí a bá yọ ìkẹta kúrò, ìkẹrin á di ìkẹta láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí ẹ̀rọ tò yìí kì í ṣe lẹ́tà tí a tẹ̀. Bí máníjà bá da ìbéèrè náà kọ sórí WhatsApp kó lè béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, nọ́ńbà lè má bá a lọ. Nítorí náà, nígbà tí ètò bá ti dúró, mo fara mọ́ kí ènìyàn fi ọwọ́ tẹ nọ́ńbà rẹ̀ bíi lẹ́tà yòókù. Bí Outlook bá sọ ọ́ di àkójọ nígbà tí ẹ bá tẹ "1." àti àlàfo, Ctrl+Z lẹ́ẹ̀kan á dá a padà.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ pé èsì dé. Iye owó inú rẹ̀, àpẹẹrẹ lásán ni: "Ẹ kú ìmúrasílẹ̀ mà. 1. Ńlá. 2. ₦650,000. 3. ₦100,000. 5. Ẹ̀yin ni. 6. ₦50,000. 7. Aago 6 ìrọ̀lẹ́. 8. A gbà."

Kò pé, ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí ó ṣe rọrùn tó láti rí ibi tí kò ti pé. Láti 3 ó fò sí 5. Nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, kí obìnrin náà tó mọ̀ pé wọn kò dáhùn ọ̀rọ̀ owó kọ́ṣọ̀n, ó ní láti tún lẹ́tà tirẹ̀ kà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì. Níbí, ojú lásán ti rí i. Bí lẹ́tà rẹ̀ sì ti fara pamọ́ sẹ́yìn àmì tóótòòtó mẹ́ta yẹn, èsì náà ṣì yé e, nítorí pé nọ́ńbà ló gbé ìbéèrè dání.

Lẹ́tà tó máa kọ tẹ̀ lé e ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi iṣẹ́ ṣe. Ìbéèrè kan ló kù, wọ́n á wá pè é ní 1. Máníjà á wo lẹ́tà àtijọ́, á rí i pé òun ti dáhùn 1, á sì dákẹ́. Nọ́ńbà tí ìbéèrè bá ti jẹ́ lọ́jọ́ tí a fi ránṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ máa jẹ́ títí ọ̀rọ̀ á fi parí, nítorí náà 4 ni yóò ṣì jẹ́. Bọ́tìnì nọ́ńbà kò wúlò níbí, torí pé láti 1 ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ la máa fi tẹ̀ ẹ́. Kó má sì kọ "ẹ ò dáhùn 4" nìkan, tó máa mú ọkùnrin náà padà sẹ́yìn lọ wá a. Kó tún un kọ lódindi: "Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ó ku ẹyọ kan: 4. Lẹ́yìn ayẹyẹ, ọjọ́ mélòó lẹ fi ń dá owó kọ́ṣọ̀n padà?" Bí ìbéèrè tuntun bá jáde, bíi ti ibi ìgbọ́kọ̀sí, 9 lorúkọ rẹ̀.

Nọ́ńbà kò lè fi ipá mú ẹni tí kò fẹ́ dáhùn. Nígbà mìíràn, ìbéèrè tí wọ́n fò kì í ṣe àgbójúfò. Ọ̀rọ̀ ìdápadà owó jẹ́ ohun tí àwọn kan kì í fẹ́ kọ sílẹ̀. Bí 4 bá ṣófo lẹ́ẹ̀kan, ó lè jẹ́ ìgbàgbé. Bí ó bá ṣófo lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí òun nìkan ló wà nínú lẹ́tà, kò ṣeé pè ní ìgbàgbé mọ́, kò sì yẹ kí ènìyàn fi ìdajì owó ránṣẹ́ kó tó gbé fóònù. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé ẹni tí a kọ̀wé sí kọ́ ló lè dáhùn. Bí a bá mọ̀ pé akọ̀wé owó ló ń mójú tó 2, 3, 4 àti 8, kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lókè lẹ́tà, kí máníjà lè fi ránṣẹ́ sí i láìdúró títí òun fi rí àyè.

Bí ó bá sì di ti fóònù, ìpè náà ṣì gbọ́dọ̀ padà wá bá nọ́ńbà rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí obìnrin náà fèsì lábẹ́ lẹ́tà kan náà: "Ẹ ṣeun fún ìpè àárọ̀ yìí, sà. Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyí: 4. Ọjọ́ méje lẹ́yìn ayẹyẹ, tí nǹkan kan ò bá bàjẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ 'ó rí bẹ́ẹ̀' kí n lè fi owó ránṣẹ́ lọ́la."